Bí A Ṣe Ń Fi Ẹsẹ̀ Ìtumọ̀ Ìparí Ìtàn Múlẹ̀

Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ìparí ìtàn kì í lójú, nítorí pé àwọn tó ń jiyàn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn. Ẹnì kan ń sọ ohun tó rò pé ó ṣẹlẹ̀, ẹnì kejì ń sọ ìtumọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnì kẹta sì ń sọ ìdí tí òǹkọ̀wé fi dúró síbi tó dúró sí. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, irú ẹ̀rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kò sì dọ́gba. Ìparí tó le jù láti jiyàn lé lórí ni èyí tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó pọ́n-na, ìyẹn kí ìdáhùn méjì tí kò lè jùmọ̀ jẹ́ òótọ́ lè bá a mu, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀ níhìn-ín, láti orí ìtàn kan ṣoṣo. Ìparí tó pa dé àti èyí tó ṣí sílẹ̀ yóò yọjú níbi tó bá yẹ, torí pé a kò lè dá ọ̀kan mọ̀ láìfi í wé èkejì.

Ìtàn náà ni èyí tí Frank Stockton, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1882, tí àkọlé rẹ̀ ń béèrè bóyá arẹwà obìnrin ni tàbí ẹkùn. Ó kúrú débi pé ènìyàn lè kà á tán ní ìjókòó kan. Ọba kan, tí asọ̀tàn sọ pé ọ̀làjú rẹ̀ kò ju ààbọ̀ lọ, ní gbàgede ńlá kan tó fi ń dá ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn yóò dúró níwájú ilẹ̀kùn méjì tó jọ ara wọn, yóò sì ṣí èyí tó bá wù ú. Ẹkùn tí ebi ń pa ló wà lẹ́yìn ọ̀kan, obìnrin tí ọjọ́ orí àti ipò rẹ̀ bá ti ọkùnrin náà mu ló wà lẹ́yìn èkejì. Bí ẹkùn bá jáde, a jẹ́ pé ọkùnrin náà jẹ̀bi, ikú rẹ̀ sì dé. Bí obìnrin bá jáde, ó jàre, wọ́n á sì so wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà ti ní aya nílé.

Ọmọbìnrin ọba wá ń fẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ ní ààfin. Nígbà tí ọba gbọ́, ó sọ ọ̀dọ́kùnrin náà sẹ́wọ̀n de ọjọ́ ìdájọ́. Ọmọbìnrin náà fi wúrà wádìí àṣírí títí ó fi mọ ilẹ̀kùn tí ẹkùn wà. Ó tún mọ obìnrin tí wọ́n fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì, ó sì kórìíra rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀dọ́kùnrin náà gbójú sókè wò ó láti inú gbàgede. Òun náà sì fi ọwọ́ tọ́ka díẹ̀ sí ọ̀tún, tí ẹnikẹ́ni kò rí i àfi olólùfẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà kọrí sí ọ̀tún, ó sì ṣí ilẹ̀kùn láìṣe iyèméjì. Asọ̀tàn bi wá léèrè ohun tó jáde, ìtàn sì parí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ya ohun tí ìtàn sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí o gbà pé ó sọ

Kó o tó ní èrò kankan, tún abala tó kẹ́yìn kà, kí o sì kọ àwọn ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú kúkúrú. Ní ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: ṣé asọ̀tàn ló fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ṣé ẹ̀dá-ìtàn kan ló rò ó, àbí ìwọ lo fà á yọ? Iṣẹ́ yìí jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń fọ́.

Wo àpẹẹrẹ kan. Tí o bá bi àwọn tó ti ka ìtàn yìí, ọ̀pọ̀ wọn yóò sọ fún ọ pé obìnrin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àti ọ̀dọ́kùnrin náà ti ń wo ara wọn tìfẹ́tìfẹ́. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ọmọbìnrin ọba ti rí i rí, tàbí pé ó rò pé òun rí i, tí obìnrin náà ń wo olólùfẹ́ rẹ̀, tó sì máa ń dà bíi pé olólùfẹ́ rẹ̀ náà ń wò ó padà. Inú ọ̀rọ̀ kékeré tó ní “tàbí ó rò” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fò ó yóò kọ pé ọ̀dọ́kùnrin náà dalẹ̀, yóò sì kọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀ lé orí ìdalẹ̀ tí kò sẹ́ni tó jẹ́rìí sí. Ẹni tó bá kíyè sí i yóò kọ pé owú ọmọbìnrin náà dájú, ṣùgbọ́n ohun tó fa owú náà kò dájú. Gbólóhùn kejì yìí lè dúró níwájú alátakò èyíkéyìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Mọ irú ìparí tó wà níwájú rẹ, fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìparí ìtàn kan ṣí tàbí pé ó pa dé, bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà ní ipò kan náà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìparí kan lè pa dé lórí ìbéèrè kan, kó sì ṣí gbayawu lórí òmíràn. Nínú eré onítàn tí Henrik Ibsen gbé jáde ní ọdún 1879, nípa Nora tó fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìbéèrè bóyá ó lọ tàbí kò lọ ti pa dé: ó jáde, a sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ, bí yóò ṣe jẹun, àti bóyá yóò padà wá lọ́jọ́ kan, ìwọ̀nyí ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá ń jiyàn pé Nora kò lọ ní ti gidi ti ṣìnà. Ẹni tó bá sì ń jiyàn pé ó dájú pé ayé rẹ̀ yóò dára lẹ́yìn náà ti ṣìnà pẹ̀lú, nítorí pé eré náà kò fún un ní ohun tí yóò fi di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú.

Ìyàtọ̀ tó máa ń ṣòro jù ni èyí tó wà láàárín ìparí tó ṣí sílẹ̀ àti èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó pọ́n-na. Níbi tó ṣí sílẹ̀, ìtàn kàn dá ọ̀rọ̀ dúró ni. Ohun tó lè tẹ̀ lé e pọ̀, ìtàn kò sì ṣètò ẹ̀rí fún ọ̀kan ju òmíràn lọ. Níbi tó bá pọ́n-na, ìdáhùn kò pọ̀. Méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọn kò lè jùmọ̀ jẹ́ òótọ́, ìtàn sì ti kó ẹ̀rí jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó pa ẹnu mọ́. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò ni láti mú ìdáhùn kan, kí n ṣe bí ẹni pé òun ló jẹ́ òótọ́, kí n wá wo àwọn ojú ìwé ìṣáájú bóyá gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò wá ní iṣẹ́ kankan mọ́. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdáhùn méjèèjì, tí gbólóhùn tó ṣe pàtàkì sì ṣẹ́kù nílẹ̀ nígbà méjèèjì, ìpọ́n-na náà kì í ṣe ti èèṣì.

Nínú ìtàn Stockton, bí a bá gbà pé obìnrin ló jáde, gbogbo abala tó sọ bí owú ṣe ń jó ọmọbìnrin ọba lọ́kàn kò wá já sí nǹkan kan. Bí a bá gbà pé ẹkùn ni, ìbẹ̀rù tó ń ta á jí lójú oorun kò já sí nǹkan kan. Asọ̀tàn kò sì ṣèèṣì dákẹ́. Ó sọ ní gbangba pé òun kò ní jókòó sípò ẹni kan ṣoṣo tó lè dáhùn ìbéèrè náà, pé òun fi í sílẹ̀ fún gbogbo wa. Ìpọ́n-na tó ní ìbùwọ́lùwé nìyí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Pín ẹ̀rí sí ọ̀nà mẹ́ta, kì í ṣe méjì

Ẹni tó ń jiyàn máa ń pín ẹ̀rí sí èyí tó gbè é àti èyí tó takò ó. Ọ̀nà kẹta wà tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìparí tó pọ́n-na, ìyẹn ẹ̀rí tó bá ìdáhùn méjèèjì mu. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ló máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ó dà bíi pé ó lágbára.

Ẹ jẹ́ ká gbé díẹ̀ yẹ̀ wò. Àwọn kan máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ láìṣe iyèméjì rárá, wọn a sì ní ẹni tó bá fẹ́ pa olólùfẹ́ rẹ̀ kò lè yára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n asọ̀tàn ti sọ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ àti òru ló fi ro ọ̀rọ̀ náà kó tó di pé ó ṣe ìpinnu. Ẹni tó ti pinnu tán yóò yára, ohun yòówù kó ti pinnu. Bákan náà ni wúrà tó ná láti mọ àṣírí: ẹni tó fẹ́ gba ènìyàn là yóò ná an, ẹni tó fẹ́ di ẹni tí ń pinnu ikú àti ìyè yóò ná an pẹ̀lú. Gbé méjèèjì sọ́dọ̀ ọ̀nà kẹta, má sì lò wọ́n fún apá kankan.

Abala tó lọ́rọ̀ jù ni ibi tí asọ̀tàn ti mú wa wọ inú ọkàn ọmọbìnrin náà. Wo bó ṣe tò ó. Lákọ̀ọ́kọ́, ó béèrè iye ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti ta gìrì, lójú oorun àti lójú ayé, tó fi ọwọ́ bo ojú nígbà tó rò ó pé olólùfẹ́ òun ṣí ilẹ̀kùn ẹkùn. Lẹ́yìn èyí, ó ní iye ìgbà tó ti rí i ní ẹnu ilẹ̀kùn kejì tún pọ̀ ju ìyẹn lọ, ó wá ròyìn rẹ̀ gùn: ayọ̀ ojú ọkùnrin náà, ìgbéyàwó, ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ọmọbìnrin náà ṣe ń pa eyín keke. Ó tún béèrè bóyá kò ní sàn kí ọkùnrin náà kú lẹ́ẹ̀kan, kó lọ dúró dè é ní ayé tó ń bọ̀. Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó tutù, ó yí padà: ẹkùn burúkú yẹn ńkọ́, igbe yẹn ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?

Ẹni tó ń gbè lẹ́yìn ẹkùn yóò sọ pé owú ló gba àyè jù, àti pé asọ̀tàn fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìran ilẹ̀kùn kejì ló pọ̀ jù lọ́kàn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń gbè lẹ́yìn obìnrin yóò sọ pé igbe àti ẹ̀jẹ̀ ló wà ní ìkẹyìn, àti pé ohun tó kẹ́yìn èrò ló máa ń sún mọ́ ìpinnu jù. Èyí náà ní ìdí. Àkọ́kọ́ fi bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó ṣe ẹ̀rí, èkejì fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí o bá rí i pé irú ẹ̀rí kan ń fà sọ́tùn-ún, tí irú kejì sì ń fà sósì, àtòpọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀rí, pé òǹkọ̀wé ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ìhà kan má baà tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wá àbá tí kò ní wó, ohun yòówù kó jáde

Níhìn-ín ni ọ̀nà ti pínyà. Lórí ìparí tó pa dé, àbá rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa ìtumọ̀, nítorí pé ìṣẹ̀lẹ̀ ti yanjú. Lórí èyí tó ṣí sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa ohun tí ìtàn ti mú dá wa lójú kó tó dúró. Lórí èyí tó pọ́n-na, àwọn kan á yan ìhà kan, wọn á sì jà fún un. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ènìyàn bá jẹ́wọ́ pé ìhà náà kàn wúwo díẹ̀ ju èkejì lọ ni. Àwọn mìíràn á sọ pé oníkálukú ló ní èrò tirẹ̀, wọn á sì dákẹ́. Èyí ni mo kà sí àìṣiṣẹ́ rárá, nítorí pé kò sọ ohunkóhun nípa ìtàn náà.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù ni láti wá ohun tó jẹ́ òótọ́ bí ẹkùn bá jáde, tó sì tún jẹ́ òótọ́ bí obìnrin bá jáde. Kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, kí o wá bi ara rẹ pé: kí ni kò yí padà? Nínú ìtàn yìí, ohun kan hàn kedere. Ọba ń fi ìlànà rẹ̀ yangàn pé kò ṣe ojúsàájú, torí pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ń yan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, ẹnì kan tọ́ ọ sọ́nà. Ohun yòówù kó jáde, kì í ṣe èèṣì ló yan án. Ọwọ́ ọmọ ọba fúnra rẹ̀ ni. Àbá wa lè wá kà báyìí pé: “Ìtàn náà fi ohun tó jáde pamọ́ kí a lè rí i pé kò sí ìdájọ́ kankan tó wáyé ní gbàgede lọ́jọ́ náà, ìfẹ́-inú ènìyàn kan ṣoṣo ló rọ́pò ìlànà ọba, àwọn ènìyàn tó pé jọ kò sì mọ̀.”

Wo bí àbá yìí ṣe rí. Ó ṣeé jiyàn lé lórí, kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Ó fara ti ohun tí asọ̀tàn fọwọ́ sọ̀yà, ìyẹn àṣírí tí wúrà rà àti ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó sì ṣàlàyé ìdí tí ìparí fi gbọ́dọ̀ pọ́n-na: ká ní a rí obìnrin náà, ìtàn ìfẹ́ la ó rò pé a kà, ká ní a rí ẹkùn, ìtàn owú ni. Àìmọ̀ wa ló jẹ́ ká lè wo ìlànà náà fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Gbé alátakò tó gbọ́n jù dìde

Má ṣe mú alátakò tó rọrùn láti ṣẹ́gun. Sí àbá wa yìí, alátakò tó mọ̀wé yóò sọ pé a ti ṣi ọ̀rọ̀ gbé: asọ̀tàn kò fìgbà kankan gbà pé ìlànà ọba jẹ́ ìdájọ́ òdodo, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ti ń fi ìyìn rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Bí ìdájọ́ kò bá sí tẹ́lẹ̀, báwo ni ọwọ́ ọmọbìnrin náà ṣe lè bà á jẹ́?

Àtakò yìí lágbára, èrè rẹ̀ sì ni pé ó ń fipá mú wa tún àbá wa ṣe. A kò gbọ́dọ̀ sọ mọ́ pé ìfẹ́-inú rọ́pò ìdájọ́. Ohun tí ẹ̀rí lè gbé ni pé èèṣì, tí ọba pè ní ìdájọ́, ti kúrò nílẹ̀, tí ìbòjú tó bo ìlànà náà sì ti ya fún òǹkàwé nìkan. Àbá náà kéré sí i, ṣùgbọ́n ó le sí i. Bí o bá rí i pé àtakò kan ń mú kí o dín ọ̀rọ̀ rẹ kù, dín in kù. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lo ń fi “bóyá” àti “ó ṣeé ṣe” kún gbogbo gbólóhùn kí o má baà dín in kù, àmì nìyẹn pé ẹ̀rí rẹ ti tán.

Àṣìṣe kan tún wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún níbí, ìyẹn fífi ìwà ara ẹni dí àlàfo ìtàn. “Kò sí obìnrin tó lè fi olólùfẹ́ rẹ̀ fún ẹkùn” kì í ṣe ẹ̀rí. Ìtàn náà tilẹ̀ kọ̀ ọ́ ní tààrà: asọ̀tàn ní kí òǹkàwé má ṣe rò ó bíi pé ìpinnu náà wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, bí kò ṣe lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, tí inú rẹ̀ ń ru pẹ̀lú àìnírètí àti owú. Gbólóhùn èyíkéyìí nínú iṣẹ́ rẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “gbogbo obìnrin” tàbí “ènìyàn kankan kò lè”, wá ojú ìwé tí yóò gbè é. Bí o kò bá rí i, pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fi ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé sí àyè tó tọ́ sí i

Stockton kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀ rí. Ó kọ ìtàn kan tẹ̀ lé e, nínú èyí tí àwọn àlejò wá béèrè ohun tó jáde, àlọ́ mìíràn ni wọ́n sì bá padà. Èyí wúlò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìpọ́n-na náà jẹ́ ohun tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ti Ibsen tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Ó kọ ìparí mìíràn fún àwọn orí ìtàgé ilẹ̀ Jámánì, nínú èyí tí Nora kò lè fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹni tó bá ń jiyàn lórí ìparí àkọ́kọ́ kò lè mú èkejì wá láti fi sọ pé Nora fẹ́ dúró. Ohun tó lè fi í ṣe ni láti fi wọ́n wé ara wọn, kó lè rí ohun tí ilẹ̀kùn tó tì náà ń ṣe tí ìparí kejì kò lè ṣe.

Ìgbésẹ̀ keje: Kọ ọ́

Fi àbá náà sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí o sì sọ níbẹ̀ irú ìparí tí o gbà pé ó jẹ́ àti ìbéèrè tí o ń dáhùn. Lẹ́yìn èyí, mú ẹ̀rí rẹ wá láti inú ibi méjì tàbí mẹ́ta péré, kí o sì dúró pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpínrọ̀ kan gbáko lórí bí èrò ọmọbìnrin náà ṣe ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún yóò ṣe ju gbólóhùn mẹ́wàá tí a já láti ojú ìwé mẹ́wàá lọ. Gbé alátakò wá kó tó di ìdajì iṣẹ́ náà, kí àtúnṣe tó fà lè hàn nínú ìyókù. Nígbà tí o bá parí, fún ẹnì kan tó gbà pé ẹkùn ló jáde ní ẹ̀dà kan, kí o sì fún ẹni tó gbà pé obìnrin ni ní òmíràn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè ta ko àbá rẹ láìfi ọwọ́ kan ẹ̀rí rẹ, a jẹ́ pé o ti fi ìhà kan pamọ́ sínú rẹ̀ láìmọ̀. Padà sí ọ̀nà kẹta nínú ẹ̀rí rẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni o ti sábà máa ń rí èyí tó yọ́ wọlé.